Ọ́ọ̀sì inú Apá: Bí Ìka Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ẹ̀jẹ̀ Há Sí

Ẹni tó bá ti fi ọ́ọ̀sì fa omi láti ẹnu ẹ̀rọ sínú dúrọ́ọ̀mù rí yóò mọ bí ọmọ tó ń ṣeré ṣe máa ń tẹ ọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Omi tó ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù á ṣàdédé di tín-ín-rín. Bí o bá fọwọ́ kan ọ́ọ̀sì náà nígbà yẹn, láti ìdí ẹ̀rọ dé ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà wà, ó ti le, ó kún dẹ́ńkẹ́; láti ibẹ̀ lọ sí dúrọ́ọ̀mù, ó rọ̀, ó pẹlẹbẹ. Kódà bí o bá di ojú, tí o ń fọwọ́ tọ ọ́ lọ, wàá mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà gan-an.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà nínú apá àwọn kan láàárín wa, ọwọ́ lásán náà ni a sì fi ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, ni mo ń sọ. Físítúlà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pe ọ̀nà náà.

Ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ kì í mu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń fa bíi 300 sí 400 mìlílítà ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń dá a padà bó ṣe ń fọ̀ ọ́, fún wákàtí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. (Lọ́dọ̀ tiwa, owó ló ń sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn.) Iṣan àbọ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, tí a máa ń rí lábẹ́ awọ, kò ní agbára tó. Bí ẹ̀rọ bá fà á bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò pa pọ̀. Iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látọ̀dọ̀ ọkàn, ní agbára, àmọ́ ó jìn nínú ẹran, ó ń dunni bí wọ́n bá gún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè dá.

Ní ọdún 1965, ní ilé ìwòsàn àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní Bronx, ní New York, dókítà James Cimino àti Michael Brescia pẹ̀lú Kenneth Appel, tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ, rí ojútùú sí i. Cimino mọ̀ nípa àwọn sójà tí ọgbẹ́ ogun ti so iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ wọn pọ̀, tí wọ́n ṣì wà láàyè. Wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ rán méjèèjì pọ̀ ní ọrùn ọwọ́, wọ́n sì tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1966. Láti ojú ìrán yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọkàn á ya gba inú iṣan àbọ̀. Agbára tí iṣan náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ á mú kó fẹ̀, kí ara rẹ̀ sì nípọn, títí tí abẹ́rẹ́ ńlá méjì yóò fi lè máa wọlé sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún kan.

Ó yẹ kí ètò físítúlà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó di dandan. Bí iṣẹ́ kíndìnrín bá ti wálẹ̀ sí bíi 20 sí 15 nínú 100, tó sì ń lọ sílẹ̀ sí i, ó yẹ kí aláìsàn ti máa bá dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀, kí oṣù bí mẹ́fà lè wà nílẹ̀. Ohun tí mo máa ń bínú sí jù ni dírípù. Ibà díẹ̀, dírípù. Ó rẹ̀ wá, dírípù. Orí ìgbọ̀nwọ́ sì ni ojú ẹni tó ń gún un máa ń kọ́kọ́ lọ, torí pé iṣan ibẹ̀ hàn. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá jókòó sí bẹ́ẹ̀ lè di àpá nínú iṣan. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ ti gún mi.”

Ká mú obìnrin aránṣọ kan bí àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 52, tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gé aṣọ, nítorí náà apá òsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Wọ́n so apá náà, wọ́n fi síkáànì wọn àwọn iṣan rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló wu dókítà jù, torí pé bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, òkè apá ṣì wà. Ṣùgbọ́n iṣan àbọ̀ ibẹ̀ kò ju mìlímítà 1.6 lọ, wọ́n sì ń fẹ́ kó tó 2 ó kéré tán. Èyí tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ jẹ́ 3.2. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ti rán an.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé ìka rẹ̀ lé ojú ibẹ̀. Ó gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka. Bó bá gbé etí sún mọ́ ọn, ó ń dún hùùù láìdáwọ́ dúró. Ìgbọ̀n yẹn ni àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Wọn kò tíì lè gún un o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oṣù méjì, nígbà mìíràn oṣù mẹ́ta, ni iṣan fi ń gbó. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń há sórí ni mẹ́fà-mẹ́fà: ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí fífẹ̀ iṣan tó mìlímítà 6, kí ó má jìn ju mìlímítà 6 lọ sábẹ́ awọ, kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì tó mìlílítà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ojú ọgbẹ́ ti jinná, wọ́n fún aránṣọ wa ní bọ́ọ̀lù rírọ̀ kan pé kó máa fún un mọ́ ọwọ́.

Kì í ṣe gbogbo físítúlà ló ń gbó. Bí ìhámọ́ bá wà nítòsí ojú ìrán, bíi pé ọmọ yẹn tẹ ọ́ọ̀sì ní ìdí ẹ̀rọ gan-an, gbogbo iṣan tó kù á rọ̀, á pẹlẹbẹ, ìgbọ̀n rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè fi ìka kan di iṣan náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní òkè, kí ó fi ìka kejì wo ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wọlé dáadáa, ìsàlẹ̀ á máa lù kìì-kìì; bí kò bá lù, àbáwọlé ló há. Bí ìgbọ̀n bá sì ń bá a lọ nígbà tí ìka ṣì di òkè, ẹ̀ka iṣan kan wà nísàlẹ̀ tó ń jí ẹ̀jẹ̀ gbé lọ. Dókítà lè tún méjèèjì ṣe, bí wọ́n bá tètè rí i.

Apá náà ti ní òfin tirẹ̀ wàyí. Wọn kò gbọdọ̀ wọn ìfúnpá níbẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, dírípù di èèwọ̀ fún un. Aránṣọ wa kò gbọdọ̀ sùn lé e, kò gbọdọ̀ fi í gbé báàgì tó wúwo kọ́ ìgbọ̀nwọ́. Gbẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Ohunkóhun tó bá fún, ì báà ṣe aago tàbí bángù, ó ń dí ọ̀nà. Oníṣẹ̀ṣe tó ń so ìdè Ifá mọ́ ọwọ́ òsì ní láti tú u sílẹ̀ kó má fún, tàbí kó bá àwọn àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ kejì. Kí aránṣọ wa tó dórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọṣẹ fọ apá. Nọ́ọ̀sì náà ní òfin: kó má máa gún ojú kan náà nígbà gbogbo, torí ibẹ̀ á rọ̀, á wú bí kókó, awọ orí rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá sì ń tutù, tí ìka ń dùn ún tàbí tó ń kú tipiri, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya sínú físítúlà ti pọ̀ ju èyí tó ń dé ọwọ́ lọ, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Oṣù mẹ́jọ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ wa kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dá láàárín ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́ ti ń gbà tó 25. Ó rò pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n fún un jù. Àmọ́ nọ́ọ̀sì wo ìwé àkọsílẹ̀: lórí eré kan náà àti abẹ́rẹ́ kan náà, agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti ẹ̀jẹ̀ padà ti gòkè láti bíi 130 sí 195 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

“Mọ̀mí, ẹ gbé apá yín sókè, kó ga ju àyà lọ.”

Físítúlà tó dára máa ń rọ̀ wọlé bí a bá gbé apá sókè. Tirẹ̀ kò rọ̀. Ó kún láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìtòsí èjìká, ó ń lù kìì-kìì níbi tó ti ń gbọ̀n rìrì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìka nọ́ọ̀sì kọjá ibì kan lẹ́bàá èjìká, ó rọ̀ lójijì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni iṣan náà ti tẹ̀ kó tó wọ inú àyà, ó sì wọ́pọ̀ kí físítúlà ìgbọ̀nwọ́ há níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbí ni ọ́ọ̀sì àti iṣan ti yà. Kò sí ẹsẹ̀ kankan níta. Agbára ẹ̀jẹ̀ tó ń yí gbirigbiri níbi tó tẹ̀ ló ń bí awọ inú iṣan nínú, awọ náà á sì máa nípọn wọ inú, títí ọ̀nà á fi há. Bí gbogbo apá bá tilẹ̀ wú, tí iṣan wẹ́wẹ́ sì yọ sójú àyà, ìhámọ́ náà ti jìn dé inú àyà, ohun tó sì sábà ń fà á ni rọ́bà ìfọ̀jẹ̀ pàjáwìrì tí wọ́n ti tì bọ iṣan ọrùn tàbí abẹ́ egungun èjìká rí. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi dára kéèyàn dúró di ọjọ́ pàjáwìrì.

Wọ́n fi oògùn tó ń hàn nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò wo ọ̀nà náà, wọ́n ti bàlúùnù kékeré kan wọ inú iṣan, wọ́n sì fẹ́ ẹ níbi tó há. Lọ́jọ́ kan náà ló lọ sílé. Ìgbọ̀n ti padà, ìṣẹ́jú 10 sì tún tó fún ẹ̀jẹ̀ láti dá. Dókítà sọ òótọ́ fún un pé ìhámọ́ náà lè padà láàárín oṣù díẹ̀, kí wọ́n tún fẹ́ ẹ. Bó bá sì ń padà kíákíá ṣáá, iṣẹ́ abẹ láti yí ọ̀nà iṣan náà padà ló kù.

Ohun tí wọ́n ní kó máa ṣe láràárọ̀ kò gba owó. Kí ó tó dìde lórí ibùsùn, kó gbé ìka ọ̀tún lé apá òsì. Bí ìgbọ̀n bá ti di lílù, kó sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tó bá tún lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí ìgbọ̀n rárá, ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Kó má dúró de ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀, kó má fi omi gbígbóná jó o, kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, torí bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa ṣòro láti yọ.