Títo Àtẹ Ìdánwò kí Iṣẹ́ Méjì má baà Forí Gbárí

Kì í ṣe ohun tuntun létí àwa olùkọ́ Yorùbá pé akẹ́kọ̀ọ́ pa Yorùbá tì nítorí pé wákàtí rẹ̀ bọ́ sí ti iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe náà ti ń wá, pàápàá nínú ìdánwò ìgbáradì tí àwa fúnra wa ń to àtẹ rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tí ó ń to àtẹ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ kan. Iye àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ ni ó ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú iṣẹ́ 9, èyí tí í ṣe òpin iye tí Wáẹ́kì gbà, ti so iṣẹ́ pọ̀ ní méjì-méjì lọ́nà 36. A ó ka ti gbogbo wọn pọ̀. Iṣẹ́ méjì tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń ṣe wọ́n pọ̀ lè jọ wà ní wákàtí kan. Bí a bá rí ẹyọ ẹnì kan péré, a ó yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 60 ń ṣe Yorùbá pẹ̀lú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 55 ń ṣe Yorùbá pẹ̀lú Ìmọ̀ Ìjọba, 70 sì ń ṣe Lítíréṣọ̀ pẹ̀lú Ìmọ̀ Ìjọba. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá, wákàtí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò gbà. Ó wá ku Físíìsì. Ẹni tí ó bá ń wo orúkọ kíláàsì nìkan yóò sọ pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni Físíìsì, ti ọ̀nà sì ni Yorùbá, yóò sì fi wọ́n sí wákàtí kan náà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ 14 ń ṣe méjèèjì, kò sì sí ẹnì kankan tí ó ń ṣe Físíìsì pẹ̀lú Lítíréṣọ̀. Ẹ̀gbẹ́ Lítíréṣọ̀ ni ààyè Físíìsì wà. Àwọn 14 yìí ni wọ́n sábà máa ń fi Yorùbá sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fi Físíìsì sílẹ̀ nínú wọn.

Ìdí kan náà ni a fi sábà máa ń rí Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá ní wákàtí kan lórí àtẹ Wáẹ́kì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ́ kan ni wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń mú.

Bí àtẹ bá ti jáde, kí a mú fọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọjọ́ àti wákàtí síwájú iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo. Wákàtí tí ó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ni ìforígbárí. Kí a má ṣe lo fọ́ọ̀mù ọdún tí ó kọjá, nítorí ẹnì kan tí ó pààrọ̀ iṣẹ́ lè ba àtẹ jẹ́. Bí ọwọ́ bá ti bọ́ sórí, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ṣe pépà kan tẹ̀ lé èkejì, olùkọ́ kan yóò sì wà pẹ̀lú rẹ̀ láàárín méjèèjì, kí òun àti àwọn tí wọ́n ti ṣe tán má baà pàdé.