Òdo Tó Ń Sọnù Nínú Ìṣirò Mítà, Kílò àti Lítà

Ìbéèrè kan kì í sábà wọ́n nínú iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀: mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà mélòó ni gbogbo rẹ̀? Ọmọ kan á kọ 35. Òmíràn á kọ 350. Ìdáhùn rẹ̀ ni 305. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé 100 sẹ̀ǹtímítà ló wà nínú mítà kan. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á kà á bí orin. Òdo àárín ló sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, tábìlì tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé wọn ò sì fi ibi tí òdo náà ń jókòó hàn wọ́n.

Tábìlì ọ̀hún kò gùn:

10 mm = 1 cm
100 cm = 1 m
1000 m = 1 km

1000 g = 1 kg
1000 kg = 1 t

10 ml = 1 cl
100 cl = 1 l

Mìlímítà, sẹ̀ǹtímítà, mítà àti kìlómítà ló wà lókè. Gíráàmù, kílò àti tọ́ọ̀nù ló tẹ̀ lé wọn. Mìlílítà, sẹ̀ǹtílítà àti lítà ló wà nísàlẹ̀.

Kí ọmọ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà rárá, kí ó kọ́kọ́ pinnu bóyá ìdáhùn yóò pọ̀ ju ohun tí wọ́n fún un ni, tàbí yóò dín. Gààrí inú àpò kan náà ni, bí a bá fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, iye tí a ó kà yóò pọ̀ ju ti kóńgò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tibí: ẹni tó ń ti orí ìwọ̀n ńlá bọ̀ sórí kékeré yóò sọ iye rẹ̀ di púpọ̀, ẹni tó ń ti kékeré lọ sí ńlá yóò pín in. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kò ní kọ ọ́ láé pé mítà mẹ́ta jẹ́ 0.03 sẹ̀ǹtímítà.

Ní ti gígùn, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé elédè Faransé, títí kan ti àwọn ọmọ Yorùbá ní Kétu àti Sakété lórílẹ̀-èdè Benin. Àyè méje ni wọ́n ń fà, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ni àyè kọ̀ọ̀kan ń gbà:

| km | hm | dam | m | dm | cm | mm |
|---|---|---|---|---|---|---|
| | | | 3 | 0 | 5 | |

Àyè kọ̀ọ̀kan fi ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní hm jẹ́ mítà 100, dam jẹ́ mítà mẹ́wàá, dm sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó ń fi wọ́n ra aṣọ lọ́jà, àmọ́ àwọn gan-an ló ń di àyè òdo mú. Ẹ wo ìbéèrè wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́ta bọ́ sábẹ́ m, márùn-ún bọ́ sábẹ́ cm. Dm tó wà láàárín ṣófo, nítorí náà òdo ni yóò gbà á. Ẹ kà á láti orí mẹ́ta títí dé abẹ́ cm: 305. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ ní mìlímítà, a ó fi òdo sí àyè mm, a ó sì ka 3050. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ ní mítà, a ó fi pọ́ìǹtì sẹ́yìn àyè m: 3.05. Ìlà kan náà ló dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Pọ́ìǹtì yẹn ló ń da àwọn àgbàlagbà náà láàmú. Mítà 3.5 kì í ṣe mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. 350 sẹ̀ǹtímítà ni. Ìyàtọ̀ 45 sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín 3.5 àti 3.05 gùn ju rúlà inú àpò ìwé ọmọ náà lọ. Bí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó mú téèpù télọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 150 sẹ̀ǹtímítà. Téèpù méjì ni mítà mẹ́ta, tó kù sí díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti ìwúwo, kò sí ìdí láti fa àyè méje. Òfin kan tó: gíráàmù gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn kílò, bí kò bá sì pé mẹ́ta, ẹ fi òdo kún un níwájú. Kílò méjì àti gíráàmù 40, ẹ kọ 2, ẹ kọ 40 bíi 040, ó di 2040. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́ta láti apá ọ̀tún: 6085 gíráàmù jẹ́ kílò mẹ́fà àti gíráàmù 85.

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni ìyọkúrò. Ìyá kan ní kílò márùn-ún àti gíráàmù 200 ẹ̀wà, ó sì ta kílò méjì àti gíráàmù 650. Èló ló kù? 650 kò ṣeé yọ nínú 200. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn yí i padà, wọ́n á yọ 200 nínú 650, wọ́n á sì kọ kílò mẹ́ta àti gíráàmù 450. Ohun tó yẹ ni kí ó yá kílò kan lára márùn-ún, kílò tó yá náà á di 1000 gíráàmù. Nígbà náà a ní kílò mẹ́rin àti gíráàmù 1200, èyí tó kù sì jẹ́ kílò méjì àti gíráàmù 550. Láti mọ ẹni tó ṣì í, ẹ ro ìdáhùn pọ̀ mọ́ ohun tó tà. 3 kg 450 g àti 2 kg 650 g jẹ́ 6 kg 100 g, ẹ̀wà náà ti wá pọ̀ ju èyí tí ìyá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ.

Tọ́ọ̀nù kò ní wàhálà: ogún àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 ni tọ́ọ̀nù kan.

Nínú ìwọ̀n ohun olómi, sẹ̀ǹtílítà ni ẹ̀tàn. Òun ló wà lára ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ 50 cl sí, mìlílítà sì ni ìwé ọmọ máa ń béèrè. Sẹ̀ǹtílítà ń gba nọ́ńbà méjì lẹ́yìn lítà, mìlílítà ń gba mẹ́ta. Lítà mẹ́rin àti sẹ̀ǹtílítà márùn-ún jẹ́ 4050 mìlílítà. Lítà mẹ́rin àti mìlílítà márùn-ún jẹ́ 4005. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di mìlílítà, kí ó fi òdo kan kún iye sẹ̀ǹtílítà, kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ogún ọ̀rá omi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mìlílítà, yóò fún un ní 10,000 mìlílítà, èyí tó jẹ́ lítà mẹ́wàá.

Èyí kọjá ọ̀rọ̀ máàkì. Síbí òògùn ọmọdé kan jẹ́ mìlílítà márùn-ún. Ẹni tó bá rò pé sẹ̀ǹtílítà márùn-ún ni, ìlọ́po mẹ́wàá ló fẹ́ bù yẹn: 50 mìlílítà nínú ìgò òògùn tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 60.

Àwọn ọmọ tún máa ń béèrè bóyá lítà kan àti kílò kan dọ́gba. Fún omi, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé omi ni òfin Faransé ti 1795 fi dá gíráàmù sílẹ̀. Epo pupa fúyẹ́ ju omi lọ. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ onílítà 25 kò ju nǹkan bíi kílò 23 lọ, láìka kẹ́ẹ̀gì náà. Nítorí náà, ọmọ kò gbọdọ̀ fo láti tábìlì lítà bọ́ sí ti kílò.

Kò sì gbọdọ̀ gbé èyíkéyìí nínú wọn lọ bá aago. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ ìṣẹ́jú 125. Ẹni tó bá tò ó sínú tábìlì mítà yóò kọ 205.