Ọ̀fìnkìn Ìkókó: Kí Ló Dé Tí Ọmọ Fi Ń Ju Ọmú Sílẹ̀?

Bí ọ̀fìnkìn bá mú àgbàlagbà, á la ẹnu mí, á fọn imú, á sì jẹun ẹ̀ lọ. Ìkókó ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Imú ló fi ń mí jù, pàápàá tí ọmú bá wà lẹ́nu ẹ̀, ihò imú náà sì kéré débi pé ikun díẹ̀ ti tó láti dí i. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ebi ń pa á fi máa fa ọmú lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, tá ju ú sílẹ̀, tá sì bú sẹ́kún. Kò kọ oúnjẹ o. Èémí ló ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣàpẹẹrẹ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 ni nígbà tí ọ̀fìnkìn mú un. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọmọ tó máa ń mu ọmú fún ìṣẹ́jú 15 ò lè mu ún fún ìṣẹ́jú 2 mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, nítorí náà mi ò kọ́kọ́ wo imú rárá. Èémí ẹ̀ ni mo kà. Mo dúró kó sùn, mo ká aṣọ ẹ̀ sókè, mo wá ka iye ìgbà tí ikùn ẹ̀ gbé sókè láàárín ìṣẹ́jú 1 gbáko. Mo ka 46. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tó bá di 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ni. Fún ọmọ oṣù 2 sókè tí kò tíì pé ọdún kan, 50 ni ààlà. Ẹ má ka ìlàjì ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ sọ ọ́ di méjì, torí ìkókó máa ń yára mí, á tún rọra mí. Tó bá jẹ́ 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èémí ẹ̀ dáa, ara ẹ̀ ò gbóná. Imú ló kù. A ra omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ọmọdé ní kẹ́mísì, èyí tí iyọ̀ ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 9 nínú lítà 1, tó bá ara mu. Ìyá ẹ̀ gbé e nàró díẹ̀, ó kán ẹ̀kán 2 sí ihò imú kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 1 kí ikun lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun. Ìta lẹ ti máa kọ́kọ́ fún rọ́bà náà kí afẹ́fẹ́ jáde, kẹ́ ẹ tó fi ẹnu ẹ̀ kan etí ihò imú, kẹ́ ẹ sì rọra tú ọwọ́ lára ẹ̀. Ẹ má tì í wọlé jìnnà. Kí wọ́n tó fún un lọ́mú ni wọ́n ń ṣe é, torí ó lè bì tó bá ti yó. Fífa ikun ju bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́ á mú kí inú imú wú, á sì túbọ̀ dí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmú díẹ̀díẹ̀, léraléra. Bí kò bá lè fa á, ìyá lè fún ọmú sínú ife tó mọ́, kó fi ṣíbí fún un.

Àwọn ará ilé ní ká rọ ọmọ náà lógì. Ẹ má dán an wò. Ẹni tí imú ẹ̀ dí, tí wọ́n tún da nǹkan sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà á sí. Róòbù ò yẹ nímú ìkókó, oyin ò yẹ kó kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, oògùn ikọ́ náà kì í ṣe tiẹ̀. Fífi ẹnu fa ikun sì lè kó àrùn ẹnu àgbà sí ọmọ lára.

Ọ̀fìnkìn lásán máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru, tí èémí ẹ̀ bá kọjá ààlà tí mo sọ, tí ìsàlẹ̀ àyà ẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tó bá ń kùn, tàbí tí èémí ẹ̀ bá ń dúró. Ẹ wo ahọ́n àti inú ẹnu ẹ̀: tí wọ́n bá ti ń dà bí aró, ẹ má dúró. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí tẹmómítà ẹ̀ bá ka 38 °C, ọsibítù ni, bí imú ẹ̀ tiẹ̀ mọ́. Ara tó tutù ju 35.5 °C lọ náà burú, torí àìsàn ìkókó mìíràn kì í gbóná.

Ẹ tún máa ka ìlédìí. Tí èyí tó ń tọ̀ sí lóòjọ́ kò bá tó ìdajì iye tẹ́ ẹ ti mọ̀ mọ́ ọn, tàbí tó bá ń sùn tí kò ṣeé jí mu ọmú, omi ara ẹ̀ ti ń gbẹ nìyẹn. Ìyẹn kọjá ohun tí omi iyọ̀ lè yanjú.