Bí Máàkì Ṣe Ń Wá Ọ̀tá fún Ọ

Bí o bá fẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kíá ni wọ́n ti bá ọ wá ẹni tí agbára yín sún mọ́ra. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Milwaukee, Amẹ́ríkà, ló gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò náà kalẹ̀. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé sì gbà á ní 1970.

Àsọtẹ́lẹ̀ ni ìṣirò náà. Ká ní Bọ́lá ní máàkì 1600, Ṣẹ́gun ní 1400. Ìyàtọ̀ 200 yẹn fi hàn pé nínú ayò 100, nǹkan bí 76 ló yẹ kí Bọ́lá kó, tí a bá ka ọ̀mì sí ìdajì. Tí ayò bá parí, wọ́n á fi èsì wé àsọtẹ́lẹ̀. Bí 20 bá ni òdiwọ̀n, Bọ́lá tó borí á jèrè bíi 5 péré, torí ohun tí a ti ń retí ló ṣe. Bí ó bá pàdánù, bíi 15 ló máa bọ́ sọ́wọ́ Ṣẹ́gun. Ọ̀mì pàápàá á gba 5 lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí mo ti rí àléébù rẹ̀ ni pé máàkì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì ṣeé gbára lé. Mark Glickman wá fi nọ́ńbà kejì kún un, èyí tó ń díwọ̀n iyèméjì. Lórí Lichess, 1500 ni àlejò fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máàkì rẹ̀ á máa fò gan-an títí iyèméjì yóò fi dínkù. Nítorí náà, bí ògbóǹtarìgì bá ṣí àkáǹtì tuntun tó sì nà ọ́, ohun tí wọ́n máa yọ lára máàkì rẹ kò ní pọ̀.