Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Ò Bá Dá Lẹ́yìn Ìbímọ

Ìyá ti bímọ, ibi ọmọ ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Aṣọ àti ibùsùn máa ń fa ẹ̀jẹ̀ mu, ìdí nìyí tí ojú lásán fi ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀rá tó ní àmì ìdíwọ̀n tí nọ́ọ̀sì tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá kì í tan ni. Bí ó bá ti tó 500 mílílítà, tàbí 300 tí ọkàn sì ń sáré, kò gbọdọ̀ dúró mọ́.

Yóò ké pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì gbé ọwọ́ lé ikùn ìyá nísàlẹ̀ ìdodo. Ilé ọmọ tó súnkì máa ń le gbandi. Èyí tó bá rọ̀ kò lè fún ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Òun ló sábà máa ń fà á. Nọ́ọ̀sì yóò máa wọ́ ọ títí yóò fi le. Ẹnì kejì á fi abẹ́rẹ́ ọsitósìn yúníìtì 10 àti tranẹsámíìkì gíráàmù 1 sí i lára. Tranẹsámíìkì kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 3 lẹ́yìn ìbí. Wọ́n á fa ìtọ̀ jáde, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ súnkì.

Bí ilé ọmọ bá le tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà, kí wọ́n wò ó bóyá ojú ara ló ya.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti ìyá ọmọ, bí páàdì bá rin gbingbin kíákíá, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.