Ikán àti Ilé Tuntun: Iṣẹ́ Tó Yẹ Kó Parí Kí Jámánì Fúlọ́ọ̀ Tó Bo Ilẹ̀

Nínú gbogbo oṣù tí a fi ń kọ́ ilé, ọjọ́ díẹ̀ péré ló wà tí onílé lè fi dá ikán lẹ́kun láìtú ohunkóhun palẹ̀. Ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bíríkìlà bá ti fi iyẹ̀pẹ̀ kún inú ìpìlẹ̀, tí wọ́n sì ti gún un kó le. Ó parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá da kọnkéré jámánì fúlọ́ọ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí bí oògùn ṣe máa dé abẹ́ ilé mọ́ àfi kí wọ́n lu fúlọ́ọ̀.

Ikán tó ń ba ilé jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí omi tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbẹ kú. Ara wọn rọ̀, oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ máa ń pa wọ́n, nítorí náà wọn kì í rìn ní gbangba. Erùpẹ̀ tí wọ́n fi itọ́ pò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀nà bíbò láti ilẹ̀ dé ibi igi. Ikán lè máa jẹ férémù ilẹ̀kùn yín kí ibùgbé rẹ̀ wà lábẹ́ ọgbà aládùúgbò. Ìdí nìyí tí wíwó òkìtì ọ̀gán tó wà lórí ilẹ̀ kò fi tó: bí ayaba bá wà nísàlẹ̀, wọ́n á tún un kọ́, àwọn ikán mìíràn tó pọ̀ kì í sì í mọ òkìtì rárá. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ láàárín Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún, tí èsúnsún bá tú jáde tí àwọn ọmọdé ń ṣà á jẹ, àmì ni pé ìdílé ikán tó ti gbó wà nítòsí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ná ni lówó púpọ̀. Kí wọ́n hú gbòǹgbò àti kùkùté igi kúrò nínú ilẹ̀ náà, pàápàá bó bá jẹ́ oko kòkó tàbí oko ọ̀pẹ àtijọ́, kí wọ́n sì kó èèkàn ìwọnlẹ̀ àti pákó tí wọ́n fi de kọnkéré jáde kí wọ́n tó dalẹ̀ bò ó. Mo ti rí i níbi púpọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi èèpo igi, àpò sìmẹ́ǹtì àti pákó tó kán kún ìpìlẹ̀ nítorí pé kíkó o dànù ń ni wọ́n lára. Oúnjẹ ni wọ́n gbé kalẹ̀ sábẹ́ ilé yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn ilẹ̀ kàn. Ohun tí à ń wá ni ilẹ̀ olóògùn tó dọ́gba, tó lọ láti ògiri dé ògiri, tí kò lálàfo níbì kankan, nítorí ikán á máa wá a kiri títí tó fi máa rí ibi tí oògùn kò dé. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní IS 6313, tó bá irú ojú ọjọ́ tiwa mu, sọ pé lítà 5 oògùn tí a ti fi omi là ni kí a dà sórí mítà kan ní ìbú àti òró ilẹ̀. Fún etí ògiri níta, ó ní kí a gbẹ́ kòtò tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a sì da lítà 7.5 fún mítà kan ní gígùn àti gíga ojú ògiri tó wà nínú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣírò rẹ̀. Ká ní bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta ni, tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 10. Ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 120 ní ìbú àti òró, bí a bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di lítà 600. Yíká ìta jẹ́ mítà 44. Bí kòtò etí ògiri bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ojú ògiri tí oògùn máa kàn jẹ́ bíi 13, ìyẹn sì máa gba nǹkan bíi lítà 100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 700, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá mẹ́ta ààbọ̀. Bó bá jẹ́ oògùn imidakilopíríìdì tí wọ́n kọ 30.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára ni, mílílítà 2.1 ló ń lọ sínú lítà omi kan, nítorí náà lítà kan ààbọ̀ oògùn máa tó fún gbogbo ilé náà. Bí iye tó wà lára ìgò bá yàtọ̀, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ibi yìí gan-an ni wọ́n ti ń yan onílé jẹ. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ á gbé ẹ̀rọ ìfọ́nko alápọ̀n kan dé, èyí tó ń gba lítà 16. Á fọ́n ọn káàkiri, òórùn oògùn á gba gbogbo ibẹ̀, ilẹ̀ á tutù lójú, yóò sì gbowó rẹ̀ lọ kí oòrùn tó mú. Lítà 16 lórí ilẹ̀ 120 kò tó ife omi kan fún mítà kọ̀ọ̀kan, oògùn náà kò sì wọlẹ̀ ju ìwọ̀n èékánná lọ. Ẹ̀rọ yẹn kan náà máa ní láti kún ní ìgbà 44 kí iṣẹ́ tó pé. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí òórùn. Omi ni kí ẹ kà. Ẹ ní kí wọ́n pò ó nínú dúrọ́ọ̀mù lójú yín, kí wọ́n sì fi agolo ìbomirin dà á díẹ̀díẹ̀, kí ilẹ̀ lè mu ún.

Àárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, ìdákẹ́ òjò Oṣù Kẹjọ náà sì ṣeé lò bí ilẹ̀ bá ti gbẹ díẹ̀. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó kò ní gba oògùn. Yóò kàn ṣàn lọ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dà á náà ni kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá dúdú nínípọn lé e, kí òjò má baà fọ̀ ọ́, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má sì máa gòkè sára fúlọ́ọ̀. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pọ́ḿbà tó dé ní ọjọ́ kejì, tó ya ọ̀rá, tó gbẹ́ ilẹ̀ olóògùn láti gbé páìpù gbà, tó sì fi iyẹ̀pẹ̀ lásán dí i padà. Kí páìpù gbogbo ti wọlẹ̀ kí oògùn tó dé. Fàráńdà àti àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé lẹ́yìn ọdún kan tún jẹ́ ojú àpá mìíràn, nítorí wọ́n máa ń dalẹ̀ tí kò lóògùn ti ògiri.

Ọ̀rọ̀ oògùn fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Áldírìn àti díẹ́lídírìn tí àwọn bàbá wa lò wà lára àwọn tí àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001 kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí wọn kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti lára ènìyàn. Kílọpírífọ́ọ̀sì tó gbapò wọn náà ti wọ ìwé àwọn oògùn tí àjọ NAFDAC fòfin dè ní ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì lè rí i lórí àtẹ. Ilé tí kànga rẹ̀ wà nítòsí ògiri kò yẹ kó gba oògùn ní ẹ̀gbẹ́ yẹn rárá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti kú tí àwọn kan ń dà sínú ìpìlẹ̀ kì í ṣe oògùn ikán. Omi mímu ló máa bà jẹ́.

Níbi tí oògùn kò bá ti ṣeé lò, àti níbi tó ti ṣeé lò pàápàá, ìdènà tí ọwọ́ kọ́ ló kù. Bílọ́ọ̀kù oníhò méjì tí a fi ń kọ́lé níhìn-ín jẹ́ àkàbà fún ikán bí ihò rẹ̀ bá ṣófo, torí pé láti ìpìlẹ̀ ni ihò náà ti lọ tààrà dé òkè, níbi tí pákó òrùlé ti gbé orí lé ògiri. Kí wọ́n fi kọnkéré dí gbogbo ihò bílọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ jámánì fúlọ́ọ̀, kí fúlọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ sì kọjá lórí ògiri ìpìlẹ̀ láti etí dé etí. Àlàfo tí kò tó mílímítà méjì tó ikán láti gbà kọjá, nítorí náà kí wọ́n fi kọnkéré di ẹ̀gbẹ́ páìpù pinpin. Fún òpó igi fàráńdà, páànù tí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ sísàlẹ̀ yíká orí kọnkéré máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kì í pa ikán. Ṣe ló ń fipá mú un kọ́ ọ̀nà rẹ̀ sí gbangba, níbi tí ojú ti lè rí i. Ìdí kan náà ni kí ilẹ̀ òdòdó má ṣe gòkè ti ògiri: ó kéré tán, sẹ̀ǹtímítà 15 ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn sójú.

Ní ti igi, orúkọ nìkan kò tó. Ìrókò, apá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni ikán kì í fẹ́ fẹnu kàn, ṣùgbọ́n inú igi náà tó dúdú tàbí tó pọ́n ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ibi funfun tó wà lábẹ́ èèpo kò ní agbára kankan, ìbáà jẹ́ ti ìrókò. Bí ẹ bá dé sọ́ọ̀mílì, ẹ wo orí pákó níbi tí wọ́n ti gé e: bí ìlà funfun bá wà létí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e sọnù, tàbí kí ẹ lo pákó yẹn fún ohun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíìkì tí kò tíì gbó rí, torí funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àrère àti afárá fúyẹ́, wọ́n sì rọrùn láti rẹ́, àmọ́ oúnjẹ ikán ni wọ́n. Sólígínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kì í wọlé jìn, ibi tí kápẹ́ńtà bá sì ti gé pákó lẹ́yìn ìkùn ti di ihòòhò. Ẹni tó fi owó gidi kun pákó òrùlé, tó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn rì sínú fúlọ́ọ̀, fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Orí fúlọ́ọ̀ tó ti gbẹ ni kí ẹsẹ̀ férémù dúró sí.

Bí ilé bá ti parí, kí ẹ máa wo ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti ibi tí páìpù gbà wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń parí. Bí ẹ bá rí ọ̀nà erùpẹ̀, ẹ fọ́ ọ ní ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti tún un kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ikán ṣì ń gbabẹ̀. Ẹ má kàn gbá a kúrò kí ẹ sì kun ògiri lọ́dà; ẹ tẹ̀ lé e títí dé ibi tó ti yọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ páìpù tàbí oríkèé fàráńdà. Níbẹ̀ ni wọ́n máa lu ihò sí fúlọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní sẹ̀ǹtímítà 30 síra wọn, kí wọ́n da lítà oògùn kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí i.