Ibà Wo Ni Wọ́n Wádìí? Bí A Ṣe Ń Tú Àṣamọ̀ Láì Yí Àbọ̀ Rẹ̀ Padà

Bí ìyá kan bá ní ibà ń ṣe ọmọ òun, ohun tó ń sọ ni pé ara ọmọ náà gbóná. Ó lè jẹ́ kòkòrò tí ẹ̀fọn gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló fà á, ó lè jẹ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ló ń dun ọmọ. Ibà là ń pe gbogbo rẹ̀. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà tó. Nínú àṣamọ̀ ìwádìí, kò tó.

Àṣamọ̀ ni ìpínrọ̀ kúkúrú tó máa ń ṣáájú ìwé ìwádìí, tó ń sọ ohun tí wọ́n wá, bí wọ́n ṣe wá a àti ohun tí wọ́n rí. Àwọn jọ́nà bíi ti PLOS máa ń gba òǹkọ̀wé láyè láti fi àṣamọ̀ ní èdè mìíràn kún ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2021, Masakhane àti AfricArXiv kéde ètò láti tú ìwé ìwádìí 180 sí èdè Áfíríkà mẹ́fà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò ní kọjá àṣamọ̀, nítorí náà ohun tí ògbufọ̀ bá kọ síbẹ̀ ni wọn yóò gbà pé ìwádìí sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tí mo hun fún àlàyé yìí. Àwọn oníwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 400 wò lẹ́ẹ̀kan péré. Nínú 200 tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn, wọ́n rí kòkòrò ibà ẹ̀fọn nínú ẹ̀jẹ̀ 60. Nínú 200 tí kì í sùn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ 90. Ògbufọ̀ kan wá kọ ọ́ báyìí: “Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ń dín ibà kù láàárín ọmọdé lọ́nà pàtàkì.” Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, àmọ́ ibi mẹ́rin ló ti ṣìnà.

Àkọ́kọ́ ni “ibà”. Ara gbígbóná kọ́ ni wọ́n wọ̀n, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá. Kòkòrò náà lè wà lára ọmọ kan kí ara rẹ̀ má sì gbóná rárá. Ara ẹlòmíràn lè máa jó bí iná kí wọ́n má rí kòkòrò kankan. Ohun tí a kà ni kí a dárúkọ.

Èkejì ni “ń dín kù”. “Ń” yìí sọ àbọ̀ ọjọ́ kan di ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo, “dín kù” sì sọ nẹ́ẹ̀tì di ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ pé àwọn ilé tó ní nẹ́ẹ̀tì náà ló ta nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, tí wọ́n sì tètè ń ra oògùn. Ohun méjì ń rìn pọ̀; ìwádìí kò tíì fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ẹ̀kẹta ni iyèméjì tó sọnù. Àwọn oníwádìí kọ ọ́ pé bóyá nẹ́ẹ̀tì ń dáàbò bo ọmọ. Bí a bá fi “lè” tú u, “nẹ́ẹ̀tì lè dáàbò bo ọmọ”, òǹkàwé lè gbọ́ ọ bí ẹni pé agbára rẹ̀ ká a. “Ó ṣeé ṣe kí” ló gbé iyèméjì náà dáadáa.

Ẹ̀kẹrin ni “pàtàkì”, tí ó fi rọ́pò sìgìnífíkáǹtì. Nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ pé nǹkan tóbi tàbí pé ó ṣe kókó. Ohun tó ń sọ ni pé, ká ní ẹgbẹ́ méjèèjì kò yàtọ̀ síra ní tòótọ́, èèṣì nìkan kì í sábà mú irú ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó báyìí wá.

Bí a bá tún un ṣe, yóò kà báyìí: “Nínú ọmọ 200 tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn, a rí kòkòrò ibà ẹ̀fọn nínú ẹ̀jẹ̀ 60; nínú 200 tí kì í sùn lábẹ́ rẹ̀, a rí i nínú ẹ̀jẹ̀ 90. Èèṣì nìkan kì í sábà mú irú ìyàtọ̀ báyìí wá (p = 0.002). Ó ṣeé ṣe kí nẹ́ẹ̀tì náà wà lára ohun tó fà á.” Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, jọ́nà sì máa ń fi iye ọ̀rọ̀ dé àṣamọ̀. Bí àyè bá há, ẹ gé ìfáàárà, ẹ má gé “ó ṣeé ṣe”.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kò tíì rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tú ti Yorùbá yín padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá kọ ọ́ pé nẹ́ẹ̀tì wo ibà sàn, ẹ má tíì dá a lẹ́bi: ẹ padà sínú Yorùbá yín, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.